Bí a ṣe ń dín sákíìtì rẹsítọ̀ aládàpọ̀ kù di ẹyọ kan láti inú fọ́tò

Ẹni tó bá ti kọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀ pé a máa ń ro àwọn rẹsítọ̀ tó tẹ̀léra pọ̀, ìyẹn àwọn tí olùkọ́ ń pè ní síríìsì, ó sì mọ̀ pé àwọn tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ìyẹn párálẹ́ẹ̀lì, ní ìlànà tiwọn. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá fi fọ́tò sákíìtì kan ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, tí rẹsítọ̀ mẹ́fà wà nínú rẹ̀, tí àwọn wáyà sì ń gba orí ara wọn kọjá, ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà bá ti ẹ̀yìn ìwé mu. Kì í ṣe ìṣirò ni kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ya rẹsítọ̀ sí lórí ìwé ló ń wò, kò wo ibi tí orí méjèèjì rẹsítọ̀ náà so mọ́. Rẹsítọ̀ méjì lè dúró gbágbáágbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àwòrán kí wọ́n má jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì rárá, méjì mìíràn sì lè jìnnà sí ara wọn kí wọ́n jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì pọ́ńbélé. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín ni pé kí ẹ sọ àwòrán di àkójọ lẹ́tà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò kankan, kí ó sì jẹ́ àkójọ yẹn ni yóò máa sọ ohun tó kàn fún yín.

Àwọn ohun tí a nílò

Ẹ nílò fọ́tò náà fúnra rẹ̀, ìwé tí kò ní ìlà, bírò aláwọ̀ mẹ́rin (tàbí bírò kan ṣoṣo, bí ẹ bá lè kọ lẹ́tà kéékèèké sí ara wáyà), àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù. Bí ẹ bá ti to sákíìtì náà sórí pátákó, ẹ tún nílò mítà tó ń wọn óómù àti fóòtì.

Sákíìtì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Bátìrì fóòtì 9 wà ní apá òsì. Láti orí pọ́sítíìfù rẹ̀, wáyà gòkè, ó yà sí ọ̀tún, ó gba inú R1 tó jẹ́ óómù 680, ó sì dé ibi tí àmì dúdú kan wà. Láti ibi àmì dúdú yìí, wáyà kan lọ tààrà sí ọ̀tún, ó gba inú R3 tó jẹ́ óómù 680 pẹ̀lú, ó dé ibi àmì dúdú kejì. Wáyà mìíràn láti ibi àmì dúdú àkọ́kọ́ gba òkè, ó fo R3 àti àmì dúdú kejì kọjá, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sínú R2, ìyẹn 5k6, tó wà lóòró.

Láti ibi àmì dúdú kejì, R4 tó jẹ́ 1k2 sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí wáyà ìsàlẹ̀. Wáyà mìíràn láti ibẹ̀ tún lọ sí ọ̀tún pátápátá, ó dábùú wáyà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú R2, kò sì sí àmì dúdú níbi tí wọ́n ti dábùú ara wọn. Lẹ́yìn èyí ló sọ̀ kalẹ̀ sínú R5, ìyẹn 1k8. Ẹsẹ̀ R4, ti R2 àti ti R5 pàdé lórí wáyà ìsàlẹ̀ tó padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Lórí wáyà ìsàlẹ̀ yìí, láàárín ẹsẹ̀ R4 àti bátìrì, wọ́n ya R6 tó jẹ́ 1k, ṣùgbọ́n wáyà lásán kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àmì dúdú sì wà níbi tó ti kúrò àti níbi tó ti padà.

Ìbéèrè náà ni pé: óómù mélòó ni bátìrì ń rí, iná mélòó ló sì ń gba inú rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan? Mo rọ̀ yín kí ẹ ya àwòrán yìí sórí ìwé kí ẹ tó máa bá kíkà lọ.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé fọ́tò náà ṣeé kà

Bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ gbé fóònù sí òkè rẹ̀ gan-an kí ó má dagun, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ wá kí òjìji ọwọ́ yín má baà bọ́ sórí rẹ̀. Ibi tí ojú ìwé ti tẹ̀ sínú ní àárín ìwé tí a dì máa ń sọ ìlà títọ́ di ìlà wíwọ́, òjìji ibẹ̀ sì lè bo àmì dúdú mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́, ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, nítorí pé Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọn ohun kéékèèké bíi pọ́íǹtì àti àmì dúdú ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ sún fọ́tò náà tóbi, kí ẹ fi ìka tọ wáyà láti orí pọ́sítíìfù bátìrì dé orí nẹ́gétíìfù ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé gbà. Bí ibì kan bá wà tí ẹ kò ti mọ̀ bóyá wáyà ń bá a lọ tàbí ó ti dópin, fọ́tò náà kò tíì ṣeé lò.

Ìpele 2: Ẹ ka iye rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní óómù

Lẹ́tà k tó wà láàárín nọ́ńbà dúró gẹ́gẹ́ bíi pọ́íǹtì, ó sì tún sọ pé kílò óómù ni. Nítorí náà 5k6 jẹ́ óómù 5600, 1k2 jẹ́ óómù 1200, 1k8 sì jẹ́ óómù 1800. Àwọn tó ń ya sákíìtì máa ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé pọ́íǹtì máa ń pòórá nígbà tí wọ́n bá da ìwé kọ tàbí tí wọ́n bá ya á ní fọ́tò. Bí ìwé tiyín bá kọ ọ́ ní 5.6k, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó bá kà á sí 56k yóò ní óómù 2046 ní ìparí, iye yẹn kò sì burú lójú débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi fura sí i. Bí lẹ́tà R bá wà láàárín nọ́ńbà, bíi 4R7, óómù 4.7 ni.

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di óómù lẹ́ẹ̀kan náà. Àdàpọ̀ óómù àti kílò óómù nínú ìṣirò kan ṣoṣo ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jẹ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé R1 àti R3 ní iye kan náà. Nítorí èyí, orúkọ ni kí ẹ máa fi pè wọ́n látìgbà yìí lọ, kì í ṣe iye. Bí ẹ bá ń sọ pé "680 yẹn", ẹ óò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì kí iṣẹ́ tó parí.

Àyẹ̀wò: ẹ ka rẹsítọ̀ inú fọ́tò, ẹ ka èyí tó wà lórí ìwé yín. Mẹ́fà gbọ́dọ̀ bá mẹ́fà mu, kí gbogbo wọn sì ní iye.

Ìpele 3: Ẹ fún oríta kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà

Ìpele yìí ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, ẹ má kánjú níbẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní oríta ni gbogbo wáyà tí ẹ lè tọ̀ láti ibì kan láìgba inú rẹsítọ̀ tàbí bátìrì kọjá. Oríta kì í ṣe àmì dúdú nìkan. Wáyà gígùn kan tó yí àwòrán po, tó ní igun márùn-ún àti àmì dúdú mẹ́ta, oríta kan ṣoṣo ni, nítorí pé nínú àwòrán a gbà pé wáyà kò ní ìdènà kankan, agbára fóòtì sì dọ́gba ní gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pọ́sítíìfù bátìrì. Ẹ fi bírò pupa kun wáyà náà títí ẹ ó fi kan rẹsítọ̀, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ohun tí ẹ kùn jẹ́ oríta A. Nínú àwòrán wa, A kàn lọ láti bátìrì dé ẹnu R1, ó parí síbẹ̀.

Ẹ bọ́ sí òdì kejì R1, kí ẹ mú àwọ̀ mìíràn. Wáyà yìí dé ibi àmì dúdú àkọ́kọ́, ó sì pín síbẹ̀: apá kan dé ẹnu R3, apá kejì gba òkè lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dábùú wáyà kan, ó sì dé orí R2. Gbogbo èyí ni oríta B. Láti òdì kejì R3 ni oríta C ti bẹ̀rẹ̀: ó dé orí R4, ó tún lọ sí ọ̀tún dé orí R5. Oríta D ni wáyà ìsàlẹ̀, tó so ẹsẹ̀ R4, R2 àti R5 pọ̀, tó sì padà sí orí nẹ́gétíìfù.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti sábà máa ń ṣubú nínú àwòrán yìí.

Èkíní ni ibi tí wáyà B àti wáyà C ti dábùú ara wọn. Ìlànà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ibi tí wáyà kan bá ti parí sí ara òmíràn, bí ìgbà tí a kọ lẹ́tà T, wọ́n so pọ̀, yálà àmì dúdú wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ibi tí wáyà méjì bá ti la ara wọn kọjá nìkan ló ń fa iyèméjì. Bí ẹni tó ya àwòrán bá ti fi àmì dúdú sí ibòmíràn nínú àwòrán kan náà, ibi tí kò fi sí kò so pọ̀. Bí kò bá fi àmì dúdú síbì kankan, ẹ wò ó bóyá wáyà kan tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ gba orí èkejì kọjá; bí ó bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibì kan, a jẹ́ pé ibi tí kò ti tẹ̀ ni wọ́n ti so pọ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ẹ gbà nìyí. Ìdọ̀tí orí ìwé àti ibi tí ẹnu pẹ́ńsù ṣèèṣì kàn lè jọ àmì dúdú nínú fọ́tò, nítorí náà ẹ fi ìtóbi rẹ̀ wé ti àwọn àmì tó kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ẹ bá so B àti C pọ̀ níbẹ̀, orí méjèèjì R3 yóò bọ́ sí oríta kan náà, R3 yóò sì di aláìníṣẹ́. Òpin rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí óómù 1318. Rẹsítọ̀ tó bá ṣàdédé di aláìníṣẹ́ ní àárín àwòrán ló yẹ kó mú yín padà lọ wo ibi tí wáyà ti dábùú.

Èkejì ni R6. Lójú lásán, ó wà lójú ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, bí ẹni pé ó tẹ̀lé gbogbo àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kun oríta D láti ẹsẹ̀ R4, bírò yín yóò dé ọ̀tún R6, yóò gba wáyà abẹ́ rẹ̀, yóò sì yọ sí òsì R6 láìgba inú rẹsítọ̀ kankan. Orí méjèèjì R6 wà lórí D. Kò sí ìyàtọ̀ fóòtì láàárín wọn, nítorí náà iná kankan kò gba inú rẹ̀.

Àyẹ̀wò: kò gbọdọ̀ ku wáyà kankan tí a kò kùn, kò sì gbọdọ̀ sí wáyà tó ní àwọ̀ méjì. Àwọ̀ kò sì gbọdọ̀ yí padà níbòmíràn bí kò ṣe níbi rẹsítọ̀ tàbí bátìrì. Bí àwọ̀ bá yí padà ní igun tàbí níbi àmì dúdú, ẹ ti pín oríta kan sí méjì.

Ìpele 4: Ẹ kọ àkójọ náà, kí ẹ sì gbé fọ́tò tì

Fún rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀ ní óómù, àti oríta méjì tí orí rẹ̀ wà.

```
R1   680   A-B
R2  5600   B-D
R3   680   B-C
R4  1200   C-D
R5  1800   C-D
R6  1000   D-D
```

Ìlà tó bá ní lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á rẹ́. R6 ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, tó rò ó mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bíi síríìsì, yóò fi óómù 1000 gbáko lé ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ fa ìlà sí abẹ́ A àti D, nítorí pé ibẹ̀ ni bátìrì so mọ́. Lẹ́tà méjèèjì yìí kì í pòórá títí dé òpin. Bí ẹ bá yí ojú tí ẹ ti ń wo sákíìtì náà padà, ìdáhùn yóò yí padà pẹ̀lú, nítorí náà gbólóhùn bíi "ìdènà sákíìtì yìí" kò pé bí a kò bá sọ láàárín oríta wo sí oríta wo.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tí R6 ti lọ, ẹ ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn. A fara hàn lẹ́ẹ̀kan, B lẹ́ẹ̀mẹta, C lẹ́ẹ̀mẹta, D lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì iye rẹsítọ̀ tó kù, ìyẹn márùn-ún. Lẹ́tà tí bátìrì kò so mọ́, tó sì fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, túmọ̀ sí pé rẹsítọ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ láìdé ibì kankan, tàbí pé ẹ ti ṣi wáyà kan kà. Ìkejì ló wọ́pọ̀ jù.

Ìpele 5: Ẹ máa dín àkójọ náà kù, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan

Òfin méjì péré ni ẹ ó máa lò.

Bí ìlà méjì bá ní lẹ́tà méjì kan náà, párálẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Ẹ sọ iye wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì fi àròpọ̀ wọn pín in:

```
X = (Ra × Rb) / (Ra + Rb)
```

Bí lẹ́tà kan bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì péré, tí bátìrì kò sì so mọ́ ọn, ìlà méjì tó ní lẹ́tà náà jẹ́ síríìsì. Ẹ ro wọ́n pọ̀, lẹ́tà àárín yẹn yóò sì kúrò nílẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, ó máa ń wu ènìyàn láti kọ́kọ́ ro R1 àti R3 pọ̀, nítorí pé wọ́n wà lórí ìlà kan náà nínú àwòrán, wọ́n sì tún jẹ́ 680 àti 680. Ẹ wo àkójọ: lẹ́tà tó wà láàárín wọn ni B, B sì fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Iná tó ti inú R1 jáde pín sí méjì ní B, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọ inú R3, nítorí náà wọn kì í ṣe síríìsì. Ó tún lè ṣe yín bíi pé R2 àti R5 ni párálẹ́ẹ̀lì nítorí pé wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ B-D, èkejì jẹ́ C-D, lẹ́tà wọn kò bára mu. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ yóò ní óómù 1470 ní ìparí.

Ìlà méjì kan ṣoṣo ló ní lẹ́tà kan náà báyìí, ìyẹn R4 àti R5.

```
X1 = (1200 × 1800) / (1200 + 1800) = 720    C-D
```

Ẹ pa R4 àti R5 rẹ́, ẹ kọ X1 sí ipò wọn, kí ẹ tún àkójọ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títún un kọ ṣe pàtàkì gan-an ni. Àwọn tó ń gbìyànjú láti gbé e sórí ló máa ń lo rẹsítọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

```
R1   680   A-B
R2  5600   B-D
R3   680   B-C
X1   720   C-D
```

C wá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì péré. R3 àti X1 ti di síríìsì.

```
X2 = 680 + 720 = 1400    B-D
```

Nínú àkójọ tuntun, R2 àti X2 jọ wà láàárín B àti D.

```
X3 = (5600 × 1400) / (5600 + 1400) = 1120    B-D
```

R1 tó jẹ́ A-B àti X3 tó jẹ́ B-D ló kù, B sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì.

```
X4 = 680 + 1120 = 1800    A-D
```

Bátìrì rí óómù 1800.

Àṣìṣe ìṣirò kan wà tó wọ́pọ̀ níhìn-ín. Àwọn tó ń lo ìlànà ìdá, ìyẹn 1/X = 1/Ra + 1/Rb, máa ń gbàgbé láti yí ìdáhùn dojú dé ní ìparí, wọ́n á sì kọ 0.00139 sílẹ̀ dípò 720. Bí rẹsítọ̀ mẹ́ta bá jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ kí ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in, nítorí pé ìlànà yẹn kò dúró fún ju méjì lọ. Ẹ mú méjì, kí ẹ tó mú ìdáhùn wọn pẹ̀lú ẹ̀kẹta.

Àyẹ̀wò: ìdáhùn párálẹ́ẹ̀lì méjì gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tó kéré jù nínú wọn, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdajì rẹ̀. 720 wà láàárín 600 àti 1200. 1120 wà láàárín 700 àti 1400. Ìdáhùn síríìsì gbọ́dọ̀ ju èyí tó tóbi jù lọ. Ojú lásán tó láti yẹ èyí wò, ẹ sì ṣe é lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ má baà gbé àṣìṣe lọ síwájú.

Ìpele 6: Ẹ padà sẹ́yìn láti fi fóòtì àti iná dán ìdáhùn wò

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ń fi hàn bóyá àkójọ náà tọ̀nà. Ẹ fi óómù 1800 pín fóòtì 9: iná tó ń jáde láti inú bátìrì jẹ́ áńpù 0.005, ìyẹn mílíáńpù 5. Gbogbo rẹ̀ ló gba inú R1, nítorí náà R1 gba 0.005 × 680, tó jẹ́ fóòtì 3.4. Èyí tó kù láàárín B àti D ni 9 − 3.4, ìyẹn fóòtì 5.6.

R2 wà láàárín B àti D, nítorí náà iná inú rẹ̀ jẹ́ 5.6 / 5600, ìyẹn mílíáńpù 1. Mílíáńpù 4 tó kù wọ inú R3, ó sì gba fóòtì 2.72 níbẹ̀. Láàárín C àti D, fóòtì 5.6 − 2.72 ló kù, ìyẹn 2.88. Iná inú R4 jẹ́ 2.88 / 1200, ìyẹn mílíáńpù 2.4; ti R5 jẹ́ 2.88 / 1800, ìyẹn mílíáńpù 1.6.

Àyẹ̀wò: ní oríta C, mílíáńpù 4 ló wọlé, 2.4 àti 1.6 ló jáde, wọ́n sì dọ́gba. Ẹ má ṣe fi ìyọkúrò wá iná R5, bí ìgbà tí ẹnìkan sọ pé 4 dín 2.4; bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọn yóò dọ́gba nígbà gbogbo, kódà bí ìṣirò yín bá wọ́. Iye rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wá iná rẹ̀, kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀.

Ìpele 7: Bí ẹ bá ti to ó, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n

Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì kúrò pátápátá, nítorí pé fóòtì tó bá wà nínú sákíìtì yóò ba ìwọ̀n óómù jẹ́, ó sì lè ba mítà fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé mítà sí 2k, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan A àti D, kí ìka yín má sì kan irin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn rẹsítọ̀ tó ní ìlà àwọ̀ wúrà lè fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye wọn lọ tàbí dín sí i, nítorí náà ohunkóhun láàárín 1710 àti 1890 dára.

Bí mítà bá sọ pé iye náà ju ohun tó lè wọ̀n lọ, ẹ gbé e sí 20k. Bí ó bá wá sọ nǹkan bí 2800, wáyà abẹ́ R6 ni kò kàn dáadáa. Bí ó bá sọ nǹkan bí 1320, B àti C ti kan ara wọn níbì kan lórí pátákó. Bí ó bá sọ nǹkan bí 2080, ó lè jẹ́ R2 ló já, ó sì lè jẹ́ R5, nítorí pé àìsí R2 yóò fún yín ní 2080, àìsí R5 yóò sì fún yín ní 2088, kò sì sí bí ìwọ̀n óómù yóò ṣe ya méjèèjì sọ́tọ̀. Níbẹ̀ ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ wọn fóòtì láàárín C àti D. Bí ó bá súnmọ́ 3.1, R2 ló já. Bí ó bá súnmọ́ 3.9, R5 ni.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti wọn rẹsítọ̀ kan ṣoṣo nígbà tó ṣì wà nínú sákíìtì. Bí ẹ bá fi mítà kan orí méjèèjì R4 lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì, kò ní sọ 1200. Nǹkan bí 646 ni yóò sọ, nítorí pé R5 wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, R3 àti R2 tó tẹ̀léra sì tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. R4 kò bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ iye R4 gan-an, ẹ yọ orí rẹ̀ kan kúrò lórí pátákó.

Nígbà tí àkójọ kò bá dín kù mọ́

Ẹ lè dé ibi tí kò ti sí ìlà méjì tó ní lẹ́tà kan náà, tí kò sì sí lẹ́tà tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì péré yàtọ̀ sí ti bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ padà yẹ Ìpele 3 wò. Bí àwọ̀ yín bá tọ̀nà, a jẹ́ pé irú sákíìtì tí wọ́n ń pè ní afárá ni, tí àkójọ rẹ̀ máa ń rí báyìí:

```
R1  A-B
R2  A-C
R3  B-C
R4  B-D
R5  C-D
```

B fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, C lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ìlà méjì tó bára mu. Ẹni tó bá fi agídí wá síríìsì níhìn-ín yóò parọ́ fún ara rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wò ni bóyá R1 / R4 dọ́gba pẹ̀lú R2 / R5. Bí R1 bá jẹ́ 100, tí R4 jẹ́ 200, tí R2 jẹ́ 150, tí R5 sì jẹ́ 300, wọ́n dọ́gba, agbára fóòtì B àti ti C jẹ́ ọ̀kan náà, iná kankan kò sì gba inú R3 láìka iye rẹ̀ sí. Ẹ pa R3 rẹ́, ẹ ro 100 mọ́ 200, ẹ ro 150 mọ́ 300, kí ẹ sì so 300 àti 450 pọ̀ ní párálẹ́ẹ̀lì. Óómù 180 ni ẹ óò rí.

Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ yí igun mẹ́ta tí R1, R2 àti R3 ṣe padà sí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó pàdé ní oríta tuntun kan, N. Ẹsẹ̀ tó lọ sí oríta kọ̀ọ̀kan ni ìlọ́po rẹsítọ̀ méjì tó kan oríta náà, tí a fi àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín:

```
A-N = (R1 × R2) / (R1 + R2 + R3)
B-N = (R1 × R3) / (R1 + R2 + R3)
C-N = (R2 × R3) / (R1 + R2 + R3)
```

Ẹ fi ìlà mẹ́ta yìí rọ́pò R1, R2 àti R3 nínú àkójọ. B yóò wá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì péré, C náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òfin méjì Ìpele 5 yóò sì tún ṣiṣẹ́ títí dé A-D.